Bùrẹ́ẹ̀tì Tán, Àwọ̀ Ò Yí: Bí A Ṣe Ń Ṣírò pH Omi Iyọ̀

Ìgbà tí mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní girama, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí a tó wọ ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì, wọ́n ṣe mọ́ọ̀kì kẹ́mísírì fún wa nínú láàbù. Tàìtíréṣọ̀n ni, èyí tí a ti ṣe títí tó ti sú wa. Ásíìdì á wà nínú bùrẹ́ẹ̀tì, álíkálì 25 cm³ á wà nínú fìláàsìkì, a ó kán mítàìlì ọ́réńjì méjì sí i, a ó wá máa ṣí bùrẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ títí yẹ́lò yóò fi yí sí pupa. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀ lọ́jọ́ náà. Ásíìdì háídírókílóríìkì ti tán, wọ́n sì ti fi fìnígà rọ́pò rẹ̀. Fìnígà tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ni o. Wọ́n là á mọ́ omi títí ó fi di nǹkan bí 0.10 mol/dm³, ìyẹn ìdámẹ́wàá mólù nínú lítà kan. Sódíọ̀mù háídírọ́ksáìdì inú fìláàsìkì náà jẹ́ 0.10 mol/dm³.

Tí nǹkan méjì bá dọ́gba báyẹn, ọmọ kékeré á mọ̀ pé ní 25 cm³ ni kí àwọ̀ yí. Mo dé 25, yẹ́lò. Mo dé 30, yẹ́lò. Mo wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà ń wò mí. Mo ṣí bùrẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ pátápátá, ó dé 50, ó tán, fìláàsìkì mi sì pọ́n yẹ́lò bí ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀. Mo na ọwọ́ sókè.

“Sà, kò yí o.”

“Kí lo ṣe sí i?”

“Sà, mi ò ṣe nǹkan kan. Ásíìdì ti tán nínú bùrẹ́ẹ̀tì.”

Tíṣà wa ní àfi kí ó jẹ́ pé mi ò fọ fìláàsìkì mi dáadáa. Ìgbà tí nǹkan bí ìdajì kíláàsì na ọwọ́ sókè ni wọ́n wá dákẹ́. Àwọn kan nínú wa ti kọ 25.10, 25.00, 25.05 sínú ìwé wọn, wọ́n ti fi ọgbọ́n orí dá èsì. Àwa tí a kọ ohun tí a rí, máàkì wa lọ. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́. Ọdún kejì lẹ́yìn ìgbà náà, ní yunifásítì, ni mo tó ṣe ìṣirò kan tó gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tó sì fi hàn mí pé àwa la ṣe é bó ṣe yẹ. Ìṣirò yẹn ni mo fẹ́ ká jọ ṣe lónìí: kí ni pH omi tó wà nínú fìláàsìkì ní ìgbà tí ásíìdì àti álíkálì bá ti pa ara wọn tán?

Èrò tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni pé ásíìdì pẹ̀lú álíkálì á di iyọ̀ pẹ̀lú omi, iyọ̀ kì í ṣe ásíìdì, kì í ṣe álíkálì, nítorí náà pH gbọ́dọ̀ jẹ́ 7. Fún iyọ̀ ọbẹ̀, òótọ́ ni. Fún iyọ̀ tí fìnígà ń ṣe, irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ásíìdì tó wà nínú fìnígà ni ásíìdì ẹtanóíìkì, CH3COOH. Iṣẹ́ ásíìdì ni kó yọ H⁺ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ásíìdì háídírókílóríìkì lawọ́: tó bá ti wọ inú omi báyìí, gbogbo H⁺ rẹ̀ ló máa kó jáde, kò sì ní wẹ̀yìn. Ẹtanóíìkì ní tirẹ̀, ahun ni. Nínú omi 0.10 mol/dm³, nínú 100 mólékù rẹ̀, bí ẹyọ kan péré ló ń yọ H⁺ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní ásíìdì aláìlera.

Nígbà tí sódíọ̀mù háídírọ́ksáìdì bá dé, tipátipá ló fi ń gba H⁺ yẹn lọ́wọ́ ahun. Ohun tó ṣẹ́kù ni íónì ẹtanóéètì, CH3COO⁻. Ṣé ẹ mọ bí ahun ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fi agbára gba owó lọ́wọ́ rẹ̀? Kò ní gbàgbé. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí ni yóò máa wò bóyá òun lè rí i gbà padà. Ẹni tó sì wà nítòsí nínú fìláàsìkì ni omi. Ẹtanóéètì díẹ̀ á já H⁺ gbà lára omi, omi tó pàdánù H⁺ á di OH⁻:

```
CH3COO⁻ + H2O ⇌ CH3COOH + OH⁻
```

Ohun tí wọ́n ń pè ní háídírólísíìsì nìyẹn. OH⁻ tó ṣẹ́kù yìí ló ń mú kí omi iyọ̀ náà ní ìwà álíkálì. Íónì sódíọ̀mù kò dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni. Kílóráìdì inú iyọ̀ ọbẹ̀ náà kì í dá sí i, nítorí pé ọ̀dọ̀ ásíìdì tó lawọ́ ló ti wá, H⁺ kò jọ ọ́ lójú. Ìdí tí omi iyọ̀ ọbẹ̀ fi wà ní 7 nìyẹn.

Ó dáa, OH⁻ ti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ibí ni ìṣirò ti wọlé, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló sì ní.

Àkọ́kọ́ ni pé ká mọ bí iyọ̀ náà ṣe ki tó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, èmi náà ṣìnà níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Álíkálì jẹ́ 25 cm³ ní 0.10 mol/dm³, ìyẹn 0.0025 mólù. Nígbà tí ásíìdì 25 cm³ bá ti wọlé, gbogbo rẹ̀ ti di 0.0025 mólù iyọ̀. Ṣùgbọ́n omi inú fìláàsìkì kì í ṣe 25 cm³ mọ́, ó ti di 50 cm³. Torí náà, iyọ̀ náà kò ki tó 0.10. Ó ti là sí ìdajì, ó ti di 0.050 mol/dm³.

Èkejì ni pé ká mọ bí ẹtanóéètì ṣe lágbára tó láti já H⁺ gbà. Ìwé kì í sábà kọ nọ́ńbà yẹn. Nọ́ńbà ásíìdì ni wọ́n máa ń kọ, tí wọ́n ń pè ní Ka. Ti ẹtanóíìkì jẹ́ 1.8 × 10⁻⁵. Ìyẹn ń sọ bí ó ṣe rọrùn tó fún ásíìdì náà láti yọ H⁺ sílẹ̀. Ohun tí àwa ń wá ni Kb, ìyẹn bí ó ṣe rọrùn tó fún íónì tó ṣẹ́kù láti gba H⁺ lára omi. Àwọn méjèèjì so mọ́ra wọn: tí o bá sọ wọ́n di púpọ̀ lára wọn, ohun tí o máa rí ni Kw, nọ́ńbà omi fúnra rẹ̀, tó jẹ́ 1.0 × 10⁻¹⁴ ní 25°C. Torí náà, bí ásíìdì bá ṣe láhun tó ni íónì rẹ̀ á ṣe máa ja H⁺ tó. Tí Ka bá kéré, Kb á tóbi.

```
Kb = Kw / Ka
   = 1.0 × 10⁻¹⁴ / 1.8 × 10⁻⁵
   = 5.6 × 10⁻¹⁰
```

Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Ó kéré gan-an. Ẹtanóéètì fẹ́ H⁺ padà lóòótọ́, àmọ́ omi pẹ̀lú kì í fi H⁺ rẹ̀ ṣeré. Ìwọ̀nba ló lè rí gbà.

Ẹ̀kẹta ni pé ká fi lẹ́tà kan dúró fún ohun tí a kò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe iye ẹtanóéètì tó rí H⁺ gbà ní x. Bí ọ̀kan bá gba H⁺, OH⁻ kan á jáde, CH3COOH kan náà á jáde. Torí náà àwọn méjèèjì jẹ́ x. Ẹtanóéètì tó ṣẹ́kù jẹ́ 0.050 − x.

```
Kb = x² / (0.050 − x)
```

Tí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, ìṣirò kuadírátíìkì ni, ó sì máa gba àkókò. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé Kb kéré jọjọ, x náà á kéré. Bí èèyàn bá yọ kọ́bọ̀ kan kúrò nínú ẹgbẹ̀rún náírà, ẹgbẹ̀rún náírà náà ṣì ni. Ẹ jẹ́ ká pe 0.050 − x ní 0.050, ká padà wá yẹ̀ ẹ́ wò tó bá yá.

```
x² = 5.6 × 10⁻¹⁰ × 0.050 = 2.8 × 10⁻¹¹
x  = 5.3 × 10⁻⁶
pOH = −log(5.3 × 10⁻⁶) = 5.28
pH  = 14 − 5.28 = 8.72
```

Ṣé x kéré lóòótọ́? Nínú 0.050, 5.3 × 10⁻⁶ jẹ́ nǹkan bí ẹyọ kan nínú 10,000. Kò burú rárá. Àwọn tíṣà máa ń ní tí x kò bá ti ju ìdá 5 nínú 100 lọ, kò sí wàhálà.

Nítorí náà 8.72 ni. Ásíìdì àti álíkálì ti pa ara wọn tán, kò sí èyí tó ṣẹ́kù nínú méjèèjì, síbẹ̀ omi náà kò sí ní 7.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sínú láàbù. Mítàìlì ọ́réńjì jẹ́ pupa tí pH bá wà nísàlẹ̀ 3.1, ó sì jẹ́ yẹ́lò tí pH bá ti ga ju 4.4 lọ. Ohun tí íńdíkétọ̀ yẹn ń dúró dè ni kí pH já wálẹ̀ dé 4.4. Ní 8.72, ibi tí mo yẹ kí n ti dúró, yẹ́lò ni, kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ lè ní, ṣebí tí mo bá ti kọjá 25 díẹ̀, ásíìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, pH á já wálẹ̀ kíá, àwọ̀ á yí? Tó bá jẹ́ háídírókílóríìkì ni, bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ẹ̀kán kan, ìyẹn 0.05 cm³, lẹ́yìn 25, pH ti dé 4.0, mítàìlì ọ́réńjì ti ń yí. Ṣùgbọ́n fìnígà kọ́ nìyẹn. Fìnígà tó bá wọlé lẹ́yìn 25 á bá ẹtanóéètì tó ti pọ̀ nínú fìláàsìkì, ásíìdì aláìlera pẹ̀lú íónì tirẹ̀ á jọ wà níbẹ̀, wọ́n á sì di bọ́fà. Iṣẹ́ bọ́fà ni kó má jẹ́ kí pH lọ síbì kankan. A lè fi èyí ṣírò rẹ̀:

```
pH = 4.74 + log([CH3COO⁻] / [CH3COOH])
```

4.74 yẹn ni −log Ka. Ní 30 cm³, ẹtanóéètì jẹ́ ìpín 25, ásíìdì tó ṣẹ́kù jẹ́ ìpín 5, pH jẹ́ 5.44. Yẹ́lò. Ní 50 cm³, níbi tí bùrẹ́ẹ̀tì mi ti tán, wọ́n jẹ́ 25 sí 25, log 1 jẹ́ òdo, pH jẹ́ 4.74. Yẹ́lò síbẹ̀! Kí pH tó dé 4.4, ásíìdì tó ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 2.2 ẹtanóéètì, ìyẹn ni pé mo ní láti da nǹkan bí 80 cm³ sínú rẹ̀ lápapọ̀. Bùrẹ́ẹ̀tì 50 cm³ ni wọ́n fún mi. Kò sí bí mo ṣe lè ṣe é tí àwọ̀ á yí. Ọjọ́ tí mo rí 4.74 yẹn lórí ìwé, mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ará yàrá mi fi bi mí pé kí ló dé.

Ohun tó yẹ kó wà lórí tábìlì wa lọ́jọ́ náà ni fẹnọ́fùtálíìnì. Ó jẹ́ aláìláwọ̀ tí pH bá wà nísàlẹ̀ 8.3, ó sì ń di píǹkì láti ibẹ̀ dé 10. Ẹ wo bí pH ṣe ń rìn ní àgbègbè 25: ní 24.95 cm³, nígbà tí álíkálì ṣì ku tíntín, pH jẹ́ 10.0. Ní 25.00, ó jẹ́ 8.72. Ní 25.05, ó ti di 7.44. Ẹ̀kán méjì péré, píǹkì ti lọ ráúráú. Nọ́ńbà 8.72 tí a ṣírò bọ́ sí àárín ibi tí fẹnọ́fùtálíìnì ti ń yí, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún wa nínú kíláàsì pé “ásíìdì aláìlera, álíkálì alágbára, fẹnọ́fùtálíìnì”. A kọ́ ọ sórí bí ewì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ìṣirò ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti ṣìnà nínú irú ìṣirò yìí, èsì fúnra rẹ̀ máa ń sọ. Bí ẹ bá rí 8.87, kò jìnnà, àmọ́ ẹ ti gbàgbé pé omi di ìlọ́po méjì, 0.10 lẹ fi ṣe é. Bí ẹ bá rí 5.28, pOH lẹ kọ sílẹ̀, ẹ kò yọ ọ́ kúrò nínú 14. Bí ẹ bá rí 10.98, ẹ fi Ka sí ibi tó yẹ kí Kb wà. Èyí tó burú jù ni 3.02: Ka náà lẹ lò, ẹ sì tún pe x ní H⁺. Kó tó di pé ẹ tẹ kakulétọ̀ rárá, ẹ bi ara yín pé ta ni aláìlera nínú àwọn méjì tó bí iyọ̀ yìí? Tó bá jẹ́ ásíìdì ló jẹ́ aláìlera, èsì gbọ́dọ̀ ju 7 lọ. Tí ó bá wá sí ìsàlẹ̀ 7, ẹ pa á rẹ́.

Tó bá jẹ́ álíkálì ló jẹ́ aláìlera, bí ámóníà, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Íónì tó ṣẹ́kù ni NH4⁺, òun ló máa fún omi ní H⁺, ẹ ó sì wá Ka tirẹ̀ láti ara Kb ámóníà. Ó ṣe kòńgẹ́ pé Kb ámóníà náà jẹ́ 1.8 × 10⁻⁵, nítorí náà ámóníọ̀mù kílóráìdì 0.050 mol/dm³ á fún yín ní pH 5.28. Nọ́ńbà kan náà tí a rí fún pOH lókè, ó kàn wà ní òdìkejì 7 ni. Níbẹ̀, fẹnọ́fùtálíìnì ló máa já yín kulẹ̀.

Ọ̀nà yìí ní ibi tó mọ o. Iyọ̀ tí íónì rẹ̀ ń ja H⁺ kíkankíkan, bí sódíọ̀mù kábọ́néètì, Kb tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.1 × 10⁻⁴. Ní 0.10 mol/dm³, x á tó nǹkan bí ìdá 4.6 nínú 100. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ààlà. Tí ẹ bá tún là á sí i, x kò ṣe é fojú fò mọ́, kuadírátíìkì lẹ máa ṣe. Ní òdìkejì, tí iyọ̀ fìnígà yẹn bá là jù, ká ní 10⁻⁶ mol/dm³, x tí ẹ máa rí á kéré ju OH⁻ tí omi lásán ti ní tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ 10⁻⁷. Ìṣirò yín á wá sọ pé omi iyọ̀ náà ní ìwà ásíìdì, èyí tí kò ṣeé ṣe.

Àwọn kan á sì fẹ́ fi ọ̀nà yìí ṣe bákìn sódà, nítorí pé òun ló wà nílé ìdáná. Ẹ má ṣe é. Íónì háídírójínì kábọ́néètì, HCO3⁻, lè gba H⁺, ó sì tún lè fúnni ní H⁺, ó ń ṣe méjèèjì pọ̀. Fún un, a máa ń kó pKa méjèèjì kábọ́níìkì, 6.35 àti 10.33, pọ̀, a ó sì pín in sí méjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 8.3, bí omi náà bá là tàbí bó bá ki, kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀kì yẹn, kò sẹ́ni tó dá máàkì mi padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ wáẹ́ẹ̀kì gan-an, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe kí n tó fọwọ́ kan bùrẹ́ẹ̀tì ni pé mo ka orúkọ ásíìdì tó wà lára ìgò. Háídírókílóríìkì ni. Mo kán mítàìlì ọ́réńjì mi méjì, ó sì yí.